Ìlà pupa kò jáde lábẹ́ "believes": báwo ni kí n ṣe yẹ iṣẹ́ mi wò?

Adéọlá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ olójú-ewé 40 ni mo kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kọ̀ǹpútà ti bá mi yẹ sípẹ́lì wò, kò sì sí ìlà pupa kankan mọ́. Àfi bí ẹni tó bá mi kà á ṣe rí "their believes" níbi mẹ́ta, ó tún rí "two story's". Èmi rò pé ọ̀rọ̀ tó bá ti parí sí f, "ves" ló ń dà tó bá pọ̀. Báwo ni mo ṣe máa rí ìyókù?

Kẹ́hìndé: Ti ọ̀rọ̀ tó parí sí o ló rọrùn jù. Bí kọ́ńsónáǹtì bá ṣáájú o, fi "es" sí i: "heroes", "echoes". Bó bá jẹ́ fáwẹ̀lì, "s" lásán: "radios". Ó parí.

Ìyá Ìbejì: Kẹ́hìndé, "photos" àti "pianos" ńkọ́? Kọ́ńsónáǹtì ló ṣáájú o níbẹ̀, "s" lásán ni wọ́n sì gbà.

Adéọlá, ti f ni kí o kọ́kọ́ mú. "Leaf" di "leaves", "knife" di "knives", ṣùgbọ́n "beliefs", "chiefs", "roofs" àti "proofs" kì í yí f wọn padà. Kọ̀ǹpútà kò fa ìlà sábẹ́ "believes" torí ọ̀rọ̀ gidi ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ni: "she believes". "Proves" náà rí bẹ́ẹ̀. Tẹ Ctrl+F, kọ `ves`, kí o wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí "their", "these" tàbí "many" bá ṣáájú, yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Ó jọ pé "storys" lo kọ́kọ́ kọ, tí kọ̀ǹpútà fi "story's" lọ̀ ọ́, tí o sì gbà á. Wá `y's` náà. Bí kò bá sí ohun tí ìtàn yẹn ní lẹ́yìn rẹ̀, "stories" ni.

Bàbá Fẹ́mi: Ìdílé tó ń jẹ́ Murphy ni mo ń kọ ìtàn wọn. Mo kọ "the Murphies", olóòtú mi fa igi lé e. Ṣé y kọ́ ló parí rẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Y ni, sà. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn kì í yí padà. "The Murphys" ni kí ẹ kọ.

Adéọlá: Ẹ ṣé gan-an, mà. `ves` 19 ni mo rí. 14 kò ní àbùkù, "gives" àti "themselves" ló pọ̀ nínú wọn. Yàtọ̀ sí "believes" mẹ́ta yẹn, mo rí "these proves", mo tún rí "two iron saves" níbi tó yẹ kó jẹ́ "safes". N kò bá má rí ìyẹn láé! Ṣùgbọ́n mo kọ "volcanos" níbì kan, mo kọ "volcanoes" níbòmíràn, ìwé atúmọ̀ èdè sì gba méjèèjì.

Kẹ́hìndé: "Es" ni kí o mú.

Ìyá Ìbejì: Èyí tó wù ọ́ ni kí o mú, kó ṣáà jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wá èyí tí o kò bá mú, kí o pààrọ̀ rẹ̀.

Bàbá Fẹ́mi: "Hoofs" àti "hooves" ńkọ́? Olóòtú mi ní "hooves" nìkan ni òun máa gbà.

Ìyá Ìbejì: Méjèèjì wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, sà. Ẹ bi í bóyá ilé ìtẹ̀wé wọn ní ìlànà lórí rẹ̀.