Phenix City: aago Alabama ni ká tẹ̀lé ni, àbí ti Georgia?

Ìyá Fẹ̀yí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sọ́jà ni ọkọ mi ní Fort Benning. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Phenix City ní Alabama ni, odò Chattahoochee ló là wá láàárín pẹ̀lú Columbus, Georgia. Wọ́n ní wákàtí kan ni Georgia fi ń ṣíwájú Alabama, àmọ́ aago Columbus ni ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi àti ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lò. Fóònù mi ń fò láti ọ̀kan sí èkejì. Wọ́n wá pè mí fún ìntáfíù iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Opelika, ní Alabama níbí náà, aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú. Aago mẹ́jọ ti ta ni? Ọmọ mi sì gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé: Àbúrò, òfin ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé. Ìjọba àpapọ̀ ló ń pín aago ní Amẹ́ríkà, gbogbo Alabama pátá sì ni wọ́n fi sí aago Central, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Eastern tí Georgia ń lò. Aago Alabama ni gbogbo ìwé tó bá ti Alabama wá.

Alájà: Èmi náà mọ wàhálà yìí dáadáa. Tí mo bá ti Cotonou lọ sí Lomé, bí mo bá ti kọjá Hilla-Condji, màá dá aago mi padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ẹ ṣáà máa yí aago yín lójú ààlà.

Màmá Valley: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Alájà, ti Togo àti Benin yàtọ̀: aago tí òfin fún oníkálùkù ló ń lò, ojú ààlà ló sì ti ń yí. Tibí kì í yí lójú odò. Bọ̀dé, òótọ́ lẹ sọ nípa òfin, àmọ́ tí ìyàwó wa bá tẹ̀ lé e ní Phenix City, ọmọ á pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ ní wákàtí kan. Aago Columbus ni ọ́fíìsì ìjọba ìlú Phenix City fúnra rẹ̀ ń lò.

Ibi tí iṣẹ́ wà ló fà á. Ìsọdá odò ni Phenix City ti ń lọ ṣiṣẹ́ láti ayébáyé, ní ilé iṣẹ́ aṣọ Columbus àti ní bárékè. Bákan náà ni Valley níbí àti Lanett, ní Alabama: ilé iṣẹ́ aṣọ tó kó wa jọ, West Point ní Georgia ni olú rẹ̀ wà. Ó ti lọ, aago rẹ̀ kò lọ. Bí mo bá ń lọ sí kóòtù ní LaFayette, tó wà nínú county kan náà pẹ̀lú wa, aago Alabama ni mò ń bá níbẹ̀.

Torí náà, ẹ wo ibi tí ìlú kọjú sí. Columbus ni Phenix City àti Smiths Station kọjú sí. Auburn àti Opelika kò kọjú sí i, aago Alabama ni wọ́n ń lò. Aago mẹ́jọ Opelika, aago mẹ́sàn-án ni nílé yín. Bí ẹ bá já ọmọ sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù fún yín láti gba ọ̀nà 280 débẹ̀. Ó tó yín.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa le. Bí iṣẹ́ bá parí ní aago márùn-ún ní Opelika, aago mẹ́fà ti lù nílé, ẹ ò sì tíì jókòó sínú ọkọ̀.

Ìyá Fẹ̀yí: Yéè! Aago mẹ́fà géérégé ni ibi tí wọ́n ń bá mi tọ́jú àbúrò Fẹ̀yí ń tì, wọ́n sì ń gbowó lórí ìṣẹ́jú tí èèyàn bá fi pẹ́. Màá bi wọ́n ní ìntáfíù bóyá wọ́n lè jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, kí n ṣíwọ́ ní mẹ́rin. Fóònù ńkọ́?

Túndé Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀gbọ́n, bó bá ti rò pé Alabama lẹ wà, Central ló máa gbé síbẹ̀. Álááàmù lèyí ń bà jẹ́: ẹ ṣètò rẹ̀ sí aago mẹ́fà, fóònù fò lóru, ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá lu aago méje ló máa ké. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, General, Date & Time, ẹ pa Set Automatically, kẹ́ ẹ sì yan New York, tó ń lo aago kan náà pẹ̀lú Columbus. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ìntáfíù náà sínú kàlẹ́ńdà, Chicago, tó ń lo aago kan náà pẹ̀lú Opelika, ni kẹ́ ẹ yàn fún òun nìkan. Aago mẹ́sàn-án lẹ máa rí, ó sì tọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé: Mo gbà fún Màmá Valley lórí ilé ẹ̀kọ́. Àmọ́ ìwé àdéhùn tó ní “kó tó di aago márùn-ún” ńkọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Phenix City? Bó bá di ẹjọ́, aago wo ni adájọ́ máa kà?

Màmá Valley: Èmi máa ń ní kí wọ́n kọ Eastern tàbí Central sí i kí n tó fọwọ́ sí i. Èyí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, ẹ jẹ́ ká bi lọ́yà.

Alájà: Àwọn tó ń gbé láàárín Smiths Station àti Opelika wá ńkọ́, bí Salem? Ibo gan-an ni aago ti ń yí?

Màmá Valley: Kò sí ojú kan, Alájà. Ilé méjì lè fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn níbẹ̀, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ ní Columbus, kí èkejì máa ṣiṣẹ́ ní Opelika. Bí wọ́n bá pè yín síbi àríyá níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè aago tí wọ́n ń sọ.