Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ fún lẹ́tà àti nọ́ńbà tó lè jẹ́ méjì lójú ìwé tí wọ́n yà tí kò mọ́ kedere

Dúpẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan láti 1961 ni mò ń dà kọ sórí kọ̀ǹpútà, tapẹ́ráità ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, fáìlì tí wọ́n fún mi kò ju 100 dpi lọ, ìwé gangan sì ti sọnù. 3 ń jọ 8, l ń jọ 1. Mo fẹ́ sàmì sí gbogbo irú ibi bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó máa kà á lẹ́yìn mi lè mọ̀. Kí la lè máa pè é lédè wa, kí sì lẹ̀yin máa ń kọ síbẹ̀?

Ìbùkún:
Dúpẹ́, iṣẹ́ gidi lo dáwọ́ lé. Tó o bá fẹ́ sàmì sí i, àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà ní ọ̀nà púpọ̀ ni kó o kọ́kọ́ mú, bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, torí àwọn tó ń tẹ tapẹ́ráità kì í fi àmì ohùn sí i, ẹni tó bá ń kà á lónìí á ṣì í kà. Orúkọ èèyàn náà ń kọ́? Àmì ohùn ló máa gbà ẹ́ ní àkókò jù.

Dúpẹ́:
Ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì ohùn ni mo ní lọ́kàn. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ bóyá 3 ni àbí 8 ni mò ń sọ. Mi ò fẹ́ yan ọ̀kan ní ìdákẹ́jẹ́.

Ṣẹ́gun:
Ẹ wá rí i, ọ̀rọ̀ "sàmì" yẹn ló fà á. Nínú ẹgbẹ́ yìí tẹ́nì kan bá ti sọ "sàmì sí i", àmì ohùn ni gbogbo wa máa rò. Èmi ò bá ní ká sọ pé "ta àsíá sí i", kó yé gbogbo èèyàn pé nǹkan wà níbẹ̀. Ti 3 àti 8 yẹn, fẹ fáìlì náà sí ìlọ́po mẹ́rin, kó o jẹ́ kó dúdú díẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ á hàn. Tí ìwé bá wà ni, mi ò bá ní kí wọ́n tún un yà ní 300.

Bàbá Akọ̀wé:
Dúpẹ́ ọmọ mi, tapẹ́ráità ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí l àti 1. Ọ̀pọ̀ tapẹ́ráità ayé ìgbà yẹn kò ní bọ́tìnì 1 rárá, l kékeré la máa ń tẹ̀ dípò rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ míì kò tilẹ̀ ní òdo, O ńlá la máa ń tẹ̀ síbẹ̀. Ìyẹn ni pé ká tiẹ̀ ní ìwé gangan wà níwájú rẹ, o ò ní rí ìyàtọ̀ kankan, torí irin kan náà ló gbá méjèèjì. Wá ibi tí ojú ìwé náà mọ́ jù, wo 1 tó wà nínú 1961, kó o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ l tó wà nínú ọ̀rọ̀ bí "alaga". Tí wọ́n bá rí bákan náà kalẹ̀ lórí gbogbo ojú ìwé, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn, kọ gbólóhùn kan síbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ pé l ni ẹ̀rọ yìí fi ń ṣe 1, ó tán. Tó o bá fi nǹkan sí gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń kà á ò ní rí èyí tó ṣe pàtàkì mọ́.

3 àti 8 ni wàhálà. Tapẹ́ráità tó wọ́pọ̀ ń tẹ lẹ́tà mẹ́wàá sínú ínṣì kan. Ínṣì kan nínú fáìlì rẹ jẹ́ písẹ̀lì 100, nítorí náà písẹ̀lì mẹ́wàá péré ló kan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìbú, àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó ya 3 sọ́tọ̀ kúrò lára 8 ni pé apá òsì 3 ṣí sílẹ̀, ṣíṣí yẹn lè má ju písẹ̀lì kan tàbí méjì lọ, tí ríbọ́ọ̀nù bá ti tú tàdáwà sí i tàbí tí irin bá ti dọ̀tí, àlàfo náà á di eérú, ó di 8 nìyẹn. Ṣẹ́gun, títún un yà ní 300 tó o sọ dáa, ìwé ni kò sí. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ tó o ní kó fẹ̀ ẹ́, ojú ló máa tù, ohun tí síkáànù kò bá gbé lọ́jọ́ náà kò lè wá nípa fífẹ̀. Dídúdú yẹn gan-an máa pa ẹnu 3 dé.

Wàyí o, owó ni, owó sì ní òfin. Ṣílè kì í kọjá 19, kọ́bọ̀ kì í kọjá 11, torí kọ́bọ̀ méjìlá ló ń di ṣílè, ogún ṣílè ló ń di pọ́ùn, títí naira fi dé ní January 1973. Ká ní ohun tó wà lójú ìwé rẹ rèé, pọ́ùn, ṣílè, kọ́bọ̀, àmì ìbéèrè wà níbi tó ṣókùnkùn, àròpọ̀ ìsàlẹ̀ sì mọ́ kedere:

```
 4  15  6
 3  1?  8
 2   9  ?
---------
10  18  5
```

Bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. 6 àti 8 jẹ́ 14. Tí ìkẹta bá jẹ́ 8, kọ́bọ̀ 22 ni, ìyẹn ṣílè kan àti kọ́bọ̀ 10, kò bá 5 tó wà nísàlẹ̀ mu. Tó bá jẹ́ tọ́rọ́, 17 ni, ṣílè kan àti kọ́bọ̀ 5, ó bọ́ sí i. Gbé ṣílè kan yẹn lọ sí àárín: 15 àti 9 àti 1 jẹ́ 25. Tí ìkejì bá jẹ́ 18, ó di 43, pọ́ùn méjì àti ṣílè 3, kò bá a mu, pọ́ùn náà á sì di 11. Tó bá jẹ́ 13, ó di 38, pọ́ùn kan àti ṣílè 18, pọ́ùn sì jẹ́ 10. Àwọn méjèèjì jẹ́ 3 nìyẹn.

Síbẹ̀ má kọ 13 ní gbáà bí ẹni pé ojú rẹ rí i. Akọ̀wé ọjọ́ yẹn náà lè ro owó náà ṣì, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Kọ ohun tí ojú rí, kó o kọ ohun tí ìṣirò sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ti ọ̀rọ̀ tó o bèèrè, nǹkan méjì la ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. l àti 1 jọra níbi gbogbo, ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní "lẹ́tà ajọra". Ṣùgbọ́n 3 tó wà lórí ìlà kejì yìí, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń ṣiyèméjì, lókè rẹ̀ ó lè mọ́ kedere. Ìyẹn, "ibi ìfura" ni mo fẹ́ máa pè é, ká sì máa sọ pé "fura sí i" dípò sàmì.

Màmá Tọ́lá:
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní irú ẹ̀. Káàdì ìrìbọmi bàbá mi ni, ọmọ mi ló fi fóònù yà á ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, káàdì gangan wà lọ́wọ́ àbúrò mi, n kò tíì fojú rí i. "Easter Day, 17 April 193" ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lè jẹ́ 3 ó sì lè jẹ́ 8. Ọdún márùn-ún kì í ṣe kékeré o, kò sì sí àròpọ̀ nísàlẹ̀ káàdì ìrìbọmi. Mo fẹ́ kọ 1933 torí àwọn ará ilé gbà pé ó ti dàgbà.

Bàbá Akọ̀wé:
Ẹ kúuṣẹ́ o Màmá. Àròpọ̀ wà ńbẹ̀ o, Ọjọ́ Àjíǹde tí wọ́n kọ yẹn ni. Àjíǹde 1933 bọ́ sí 16 April, ti 1938 ló bọ́ sí 17. Tí 17 yẹn bá mọ́ lójú yín dáadáa, 1938 ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí àbúrò yín fi ojú wo káàdì gangan kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kankan, ó sì wo 7 náà pẹ̀lú.

Màmá Tọ́lá:
1938! Ọlọ́run á san án fún yín. 7 mọ́ o, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn. Mo máa pè é lálẹ́ yìí.

Ìbùkún:
Ó ti wá yé mi báyìí, Dúpẹ́ má bínú. Àmọ́ Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ta ko "ìfura" díẹ̀. Nínú ìròyìn, afurasí ni ẹni tí ọlọ́pàá mú. Tí mo bá ka "ibi ìfura" nínú ìwé owó ẹgbẹ́, mo máa rò pé ẹnì kan ń fẹ̀sùn kan akápò pé ó yí owó padà. Ìdílé akápò yẹn sì lè ṣì wà ní ìlú. "Ibi iyèméjì" ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń kà á ló ń ṣiyèméjì.

Bàbá Akọ̀wé:
O sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iyèméjì lè mú kéèyàn rò pé ohun méjì péré ló lè jẹ́, nígbà míì 3, 5 àti 8 ni gbogbo wọn ṣeé ṣe. N ò tíì fi ìfura sílẹ̀.

Ṣẹ́gun:
Mo gba ti fífẹ̀ yẹn, Bàbá, ẹ ṣé. Mo ti fi ti àsíá náà sílẹ̀, ẹni tó ń ta àsíá ń yọ̀ ni, mo rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo tún un kà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Gbogbo ohun tá a ń sọ, ti ibi tó ṣókùnkùn ni. Ní 2013 David Kriesel ní Jẹ́mánì rí i pé ẹ̀rọ Xerox kan ń pààrọ̀ nọ́ńbà. Pílánù ilé ni wọ́n yà, yàrá mẹ́ta wà níbẹ̀, ìwọ̀n wọn jẹ́ 14.13, 21.11 àti 17.42, èyí tó jáde fi 14.13 sí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì mọ́ kedere. JBIG2 ló fà á: kí fáìlì lè kéré, ẹ̀rọ máa ń kó àwòrán tó bá jọra pọ̀, á tọ́jú ọ̀kan, á máa lẹ ọ̀kan yẹn mọ́ ibi gbogbo. Tí dpi bá kéré, 6 àti 8 á di ìdílé kan. Irú ibẹ̀ kò ní ṣe wá bíi ká fura rárá. Dúpẹ́, ṣé PDF ni fáìlì rẹ? Fẹ 8 méjì tó jìnnà síra, tí gbogbo písẹ̀lì wọn bá bára mu láìku ọ̀kan, tapẹ́ráità kì í gbá bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀rọ ti wà níbẹ̀.

Tó o bá sì ń lo TEI, ìlànà tí wọ́n fi ń da ìwé kọ sórí kọ̀ǹpútà, bó ṣe máa ń rí rèé:

```
<choice>
  <unclear cert="high">13</unclear>
  <unclear cert="low">18</unclear>
</choice>
```

Dúpẹ́:
Mo ti wò ó, 8 tó wà lójú ìwé kò bára mu, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àbùkù tirẹ̀, JPEG lásán ló wà nínú PDF náà. Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. l àti 1 náà rí bí Bàbá ṣe wí, mo ti kọ gbólóhùn kan ṣoṣo síwájú.

Àwọn tí kò mọ TEI ló máa ka tèmi, nítorí náà 1[3|8] ni mo fẹ́ máa kọ, mo máa fi nọ́ńbà ojú ìwé àti ti ìlà sí i kí wọ́n lè padà lọ wo àwòrán, èyí tí ìṣirò bá gbè á ṣáájú. Mo ti fi ọ̀nà Bàbá yanjú ojú ìwé márùn-ún.

Ìkẹfà ló dá mi dúró. Ibi méjì ló ṣókùnkùn nínú kọ́bọ̀ kan náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àròpọ̀ sì sọ pé ọ̀kan jẹ́ 3, ìkejì jẹ́ 8, kò sọ ta ló ni èwo. Mo kọ [3|8] sí àwọn méjèèjì pẹ̀lú àlàyé pé tí ọ̀kan bá jẹ́ 3, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 8. Bàbá, ṣé ẹgbẹ́ máa ń ní ìwé mìíràn fún owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láyé yẹn, tí mo lè lọ béèrè?

Bàbá Akọ̀wé:
Bẹ́ẹ̀ ni, páàsìbúùkù. Ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló máa ń wà, kì í ṣe ọ́fíìsì. Lọ bá àwọn ọmọ wọn. Tó o bá rí ẹyọ kan péré nínú méjèèjì, o ti rí èkejì nìyẹn.