Bí ẹ ṣe ń yọ iṣẹ́ jáde látinú ọ̀rọ̀ ìpàdé: ẹ sọ ìrírí yín

Akọ̀wé Onílé, Ìbàdàn: Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nípàdé àdúgbò wa nìyí: "Iná géètì ti kú. Ìyá Ìbejì ní àwọn á bá wa wá oníṣẹ́ iná. Akápò ní owó wà, ẹnìkan ní kò tó. Gọ́tà ti dí, ó yẹ ká wá nǹkan ṣe sí i." Bí mo bá fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sórí Wasáàpù, kò sẹ́ni tó máa dìde. Mo kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ ibi tí ẹnìkan ti gbà láti ṣe nǹkan. Ohun tó jáde nìyí:

Gbígba iye owó lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná méjì: Ìyá Ìbejì, Ọjọ́bọ̀ 12 oṣù kẹta.
Yíyan oníṣẹ́ iná kan: Alága, Ọjọ́ Ẹtì 13 oṣù kẹta.
Sísan owó àsansílẹ̀: Akápò, Sátidé 14 oṣù kẹta.

Kò sẹ́ni tó sọ pé alága ló máa yàn, àmọ́ akápò ò lè sanwó fún ẹni tí a kò tíì yàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi wọ́n kí a tó gbàdúrà ìparí, wọ́n sì gbà. Ti gọ́tà, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kò tíì sẹ́ni tó gbà á. N kì í fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé: Orúkọ mẹ́ta lèmi máa ń kọ sí iṣẹ́ kan, bí ẹnìkan bá rìnrìn-àjò ńkọ́?

Akọ̀wé Onílé: Òótọ́ ni bàbá, àmọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa wo ara wọn. Ẹ kọ ẹnìkan tí a ó bi, kí ẹ wá kọ ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ sẹ́yìn.

Ìyá Àjẹsẹ́kù, Abẹ́òkúta: Ẹ má gé ọ̀rọ̀ ìpàdé kúrú o! Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnìkan sẹ́ pé òun ò ṣe onídùúró fún ẹni tó yáwó. Ìwé ìpàdé tí a kọ kúnná ló yanjú ẹ̀.

Akọ̀wé Onílé: Ìwé yẹn ṣì wà lódindi, mà. Ojú ewé ọ̀tọ̀ ni mo ń kọ iṣẹ́ sí.

Ọmọ Ọ́fíìsì: "Gba" là ń kọ níbi iṣẹ́ wa, kì í ṣe "gbígba". Ó yá jù.

Akọ̀wé Onílé: Ìyá Ìbejì ju màmá mi lọ, n ò lè kọ "gba" sí wọn. Èyí tó wù kí ẹ mú, kí gbogbo ìlà bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ "Ọ̀rọ̀ gọ́tà" sáàárín wọn, ojú ẹsẹ̀ ni mo rí i pé kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé: Bí Ọjọ́bọ̀ bá wá kọjá, ta ló máa lọ bi àgbàlagbà?

Akọ̀wé Onílé: Alága ni mo máa ń bẹ̀. Àwọn náà kì í fẹ́ lọ.