Omi inú àyà àbúrò mi: ṣé kó bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ?

Ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹni tí irú èyí ti ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 27, ń gbóná lálaalẹ́, ó ń rù, èémí rẹ̀ kò sì já gaara. Ẹ́síréè fi hàn pé omi ti kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lápá ọ̀tún nìkan. Wọ́n ní kò jọ ti àìsàn ọkàn, tó sábà máa ń kó omi sápá méjèèjì.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á láti ẹ̀yìn. Nígbà tó pé lítà kan ààbọ̀, wọ́n dúró, torí bí ẹ̀dọ̀fóró bá yára nà jù, òun fúnra rẹ̀ lè wú.

Omi náà pọ́n bí tíì tí kò le. Purotéènì rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 52 nínú lítà, ti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 74. Ó ju ìdajì lọ, ìyẹn ni pé awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣàìsàn. Límfósáìtì, irú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ kan, ló pọ̀ jù níbẹ̀, ADA, èròjà tó sábà máa ń ga bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá fa omi àyà, sì jẹ́ 68. Síbẹ̀, wọn ò rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú omi tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọn ò sì rí jẹjẹrẹ.

Dókítà fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ oògùn olóṣù mẹ́fà. Mo mọ̀ pé kòkòrò náà kì í sábà hàn nínú omi àyà. Ṣé àyẹ̀wò wọ̀nyí tó láti fi bẹ̀rẹ̀, àbí ká ní kí wọ́n kọ́kọ́ gé díẹ̀ lára awọ náà yẹ̀ wò? Bí omi bá sì tún kún lẹ́yìn tó ti ń lo oògùn, kí ló yẹ ká béèrè?