Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí áàpù gbèsè
“Ṣé kí n bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n máa lo áàpù tó ń ránni létí ẹni tó jẹ ni lówó, kí n tó kọ kóòdù?”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní kí n bèèrè ohun tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ṣe. Méje nínú èèyàn mẹ́jọ tí mo bi ti kọ́kọ́ ní àwọn máa lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ròyìn gbèsè tí wọ́n bèèrè kẹ́yìn, kò sí ẹni tó gbàgbé. Obìnrin kan ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí, orúkọ àti ọjọ́ pé pérépéré, ojú ló ń tì í láti bèèrè. Ẹnì kan ní kí n wá ọgọ́rùn-ún èèyàn, àmọ́ láti orí ẹnì karùn-ún ni ọ̀rọ̀ ti ń jọra. N kò tíì mọ̀ bóyá áàpù lè gba ìtìjú yẹn lórí wọn.