Kí ni ká pe iye tí owó-orí ti wà nínú rẹ̀, kí sì ni ká pe sísún kọ́bọ̀?

Olùbéèrè, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ojú ẹ̀rọ ìtajà kan sí Yorùbá. Mo nílò orúkọ fún iye ọjà tí owó-orí ọjà ti wà nínú rẹ̀, àti èyí tí a kò tíì fi í kún. Ẹ̀rọ náà tún ń bèèrè bóyá kí òun máa sún kọ́bọ̀, ìyẹn ni pé kó sọ ìdá kọ́bọ̀ tó bá ṣẹ́kù di odindi, ní ìlà kọ̀ọ̀kan tàbí ní ìparí ìnfọ́ìsì. Kí ni ká pè é? Kí ló sì dé tí àpapọ̀ méjèèjì kì í fi í bára mu nígbà míràn?

Olùkọ́ èdè, Ọ̀yọ́

Mo dábàá "iye olówó-orí" àti "iye aláìlówó-orí". Wọ́n kúrú, wọ́n sì bá ara wọn mu bí ìbejì. Sísún tí ẹ wí yẹn, "gígé" ni kí ẹ pè é. Bí ìdá kọ́bọ̀ bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìṣirò, a ó gé e dànù, ó parí. Ní ti àpapọ̀ tí kò bára mu, ẹ̀rọ ló ní àbùkù. Ìṣirò kan ṣoṣo kò lè bí ìdáhùn méjì.

Akọ́ńtáǹtì, Ìkẹjà

Ẹ̀gbọ́n, mo júbà yín nínú èdè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta ko orúkọ méjèèjì. Bí ẹ bá kọ "aláìlówó-orí" sára ọjà, ohun tí oníbàárà máa gbọ́ ni pé ìjọba kò gba owó-orí lórí rẹ̀ rárá. Gààrí àti iṣu ló rí bẹ́ẹ̀. Àpótí bíìsíkíìtì tí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó fi owó-orí kún un kò rí bẹ́ẹ̀: owó-orí ń bọ̀ lórí rẹ̀, kò kàn tíì dé ni. Bí kásíà bá wá bù ú lé e, ìjà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé ìtumọ̀ yìí ni "kò tíì". Ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò nítorí kí orúkọ lè kúrú.

"Gígé" náà ní wàhálà, nítorí pé ìsàlẹ̀ nìkan ni ohun tí a gé ń lọ. Ẹ̀rọ máa ń sún iye sókè bákan náà.

Kò sì sí àbùkù lára ẹ̀rọ o. Ẹ wo ìnfọ́ìsì tó ní ìlà mẹ́ta, ọjà orí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦333, a kò tíì fi owó-orí kún un. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni owó-orí ọjà ti wà ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà. Owó-orí ìlà kan jẹ́ ₦24.975. A kò lè kọ ìdajì kọ́bọ̀ sílẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ á sún un sí ₦24.98, ìlà mẹ́ta á sì di ₦74.94. Ẹ wá gba ọ̀nà kejì: ẹ kó ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ó di ₦999, owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦74.925, tí a sún sí ₦74.93. Kọ́bọ̀ kan ló fi yàtọ̀. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta la sún. Ní ọ̀nà kejì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sún ni ẹ ń fi nǹkan díẹ̀ kún un tàbí kí ẹ yọ díẹ̀ kúrò, ìropọ̀ á sì kó àwọn díẹ̀díẹ̀ yẹn jọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fura sí. Owó-orí náírà kan jẹ́ kọ́bọ̀ méje ààbọ̀. Tí iye ọjà bá jẹ́ náírà odindi tó ṣeé pín sí méjì, owó-orí rẹ̀ á bọ́ sórí odindi kọ́bọ̀, kò sí ohun tí a ó sún. Tí kò bá ṣeé pín sí méjì, bíi ₦333, ìdajì kọ́bọ̀ gẹ́ẹ́ ló máa ń ṣẹ́kù, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní dín. Àṣà ẹ̀rọ púpọ̀ ni láti sún ìdajì sókè. Nítorí náà, fún oníṣòwò tó ń fi náírà odindi dá iye lé ọjà, sísún ní ìlà kọ̀ọ̀kan kì í fì sọ́tùn-ún sósì kó tó dọ́gba. Òkè nìkan ló ń lọ.

Ará ilé, Houston

Ẹ kú ìjíròrò. Níbí tí mo wà, iye ara ọjà kì í ní owó-orí nínú rárá. Ní Houston, 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìpínlẹ̀ àti ti ìlú lápapọ̀. Ẹ mú ọjà dọ́là mẹ́wàá, ẹ ó san $10.83. Nítorí náà ẹ kàn pe ọ̀kan ní "iye ojú ọjà", kí ẹ pe èkejì ní "iye àsan". Ṣé ohun tí ẹ ń bèèrè kọ́ nìyẹn?

Akọ́ńtáǹtì, Ìkẹjà

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyẹn. "Iye àsan" dára, mo gbà á. Ṣùgbọ́n "ojú ọjà" kò sọ bóyá owó-orí wà níbẹ̀. Ibi tí a wà ló ń sọ ọ́. Ní Houston kò sí níbẹ̀. Ní súpámákẹ́ẹ̀tì tó kọ ₦2,000 sára ọjà tó sì gba ₦2,000 ní káńtà, ó ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ń túmọ̀ fún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere.

Ìyá olójà, Ìbàdàn

₦2,000 tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni ìṣòro mi. Mo fẹ́ kí bàágì ọmọ ilé-ìwé kan jẹ́ ₦2,000 géérégé, owó-orí ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n tà fún mi ní kí n kọ iye tí a kò tíì fi owó-orí kún. Mo bá kọ ₦1,860.46, rìsíìtì gbé ₦1,999.99 jáde. Mo fi kọ́bọ̀ kan kún un, ó di ₦2,000.01. Oníbàárà ń bi mí bóyá mò ń fi kọ́bọ̀ ṣeré. Àwọn tó ta ẹ̀rọ ní kí n tún un tẹ̀. Mo ti tún un tẹ̀ títí ó fi sú mi. Èwo ni mo ń ṣe tí kò dára?

Akọ́ńtáǹtì, Ìkẹjà

Ìyá wa, ẹ kò ṣe nǹkan kan tí kò dára. Kò sí iye tó ń parí sí kọ́bọ̀ tí ẹ lè kọ síbẹ̀ tí yóò bí ₦2,000. Mo ṣe é lórí ìwé:

```
1860.46 × 0.075 = 139.5345  → 139.53   àpapọ̀ 1999.99
1860.47 × 0.075 = 139.53525 → 139.54   àpapọ̀ 2000.01
```

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. Ẹ fi kọ́bọ̀ kan kún iye, owó-orí náà sì fò ní kọ́bọ̀ kan, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdajì. Àpapọ̀ fo kọ́bọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fo ₦2,000 kọjá. Bí ẹ bá ka kọ́bọ̀ mẹ́tàlélógójì tó tẹ̀ lé ara wọn nínú iye àsan, mẹ́ta wà láàárín wọn tí a kò lè dé láti iye tí a kò tíì fi owó-orí kún. ₦2,000 bọ́ sórí ọ̀kan nínú wọn. ₦1,000 kò bọ́ síbẹ̀; ìdí nìyí tí ọjà yín míràn fi ń jáde dáadáa.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ tọ́jú iye àsan gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, kó wá máa yọ owó-orí jáde láti inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò ₦2,000 tààrà o, nítorí ìyẹn á fún yín ní ₦150, ó pọ̀ jù. Tí a bá fi owó-orí kún ₦100, ó di ₦107.50; 7.5 nínú 107.5 sì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́tàlélógójì. Ìyẹn ni owó-orí tó wà nínú iye àsan:

```
2000 × 3 / 43 = 139.5349 → 139.53
2000 − 139.53 = 1860.47
```

Báyìí, ₦2,000 á dúró gbọin-in, ohun tí sísún lè yí kò ju ìpín inú rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín irú iye méjèèjì nìyẹn. Tí owó-orí kò bá tíì sí nínú iye, ọ̀nà tí ẹ gbà sún á yí ohun tí oníbàárà máa san padà. Tó bá ti wà nínú rẹ̀, oníbàárà kò ní mọ̀. Láàárín ẹ̀yin àti ìjọba ni kọ́bọ̀ náà wà.

Olùkọ́ èdè, Ọ̀yọ́

Mo gba ti "kò tíì" láìjiyàn mọ́. Mo yọ "aláìlówó-orí" kúrò. Ṣùgbọ́n "sún" kò tíì wọ̀ mí létí. Ènìyàn ń sún, àga ń sún. Ṣé nọ́mbà náà ń sún ni? Ìgbà tí a bá sì ní "wọ́n sún ọjọ́ ìpàdé síwájú", ọjọ́ náà ló yí padà. Oníbàárà lè rò pé a ti yí iye ọjà òun padà.

Olùṣírò owó, Lọ́ńdọ̀nù

Ó yí i padà lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dára.

Ẹ má sì tíì ju "gé" nù, torí ohun mìíràn pátápátá ni, òfin sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Ní Bìrìtìkó níbí, àwọn aláṣẹ owó-orí gba oníṣòwò tó ń kọ ìnfọ́ìsì láàyè láti gé ìdá pẹ́nì tó bá ṣẹ́kù lórí àpapọ̀ owó-orí ìnfọ́ìsì. Wọn kò gba àwọn tó ń tà fún aráàlú ní káńtà láàyè bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ hàn: ẹni tó ń ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjà kéékèèké lójúmọ́, tó sì ń gé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìjọba ló ń gé jẹ. Ahold, ilé-iṣẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Netherlands, gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́ gíga ti Yúróòpù. Wọ́n fẹ́ gé owó-orí sísàlẹ̀ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Ní 2008, ilé-ẹjọ́ ní òfin Yúróòpù kò fún wọn ní ẹ̀tọ́ yẹn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni yóò pinnu ọ̀nà tí wọn yóò gbà sún un.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló yẹ kó wà lójú ẹ̀rọ: sún sí èyí tó súnmọ́ jù, sún sókè, gé.

Olùbéèrè, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ "Owó-orí ti wà nínú rẹ̀" àti "A kò tíì fi owó-orí kún un". Wọ́n gùn, ṣùgbọ́n wọ́n wọ inú àpótí ojú ẹ̀rọ. Fún èkejì, mo kọ "Sún ní ìlà kọ̀ọ̀kan" àti "Sún ní àpapọ̀". Tí ẹ̀gbọ́n bá rí ọ̀rọ̀ tó dára ju "sún" lọ, àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Olùkọ́ èdè, Ọ̀yọ́

Mò ń wá a. Ẹ fi "gé" sílẹ̀ fún èyí tó ń lọ sísàlẹ̀, ìyẹn ti tọ́ sí i. "Súnmọ́" ni mo ń yẹ̀ wò fún ìyókù.

Ìyá olójà, Ìbàdàn

Wọ́n ti bá mi yí ẹ̀rọ padà, bàágì ti di ₦2,000. Ó kù ohun kan: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìlà ló ń sún tàbí àpapọ̀? Ṣé mo sì lè yí ìyẹn náà padà nígbà tó bá wù mí?

Akọ́ńtáǹtì, Ìkẹjà

Ẹ mú ìnfọ́ìsì tó ní ìlà púpọ̀, tí a kò tíì fi owó-orí kún iye wọn, tí iye náà sì jẹ́ náírà odindi tí kò ṣeé pín sí méjì. Ẹ ro owó-orí ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ fi wé èyí tó kọ sí ìsàlẹ̀ níbi `VAT`. Tí wọ́n bá dọ́gba, ìlà ló ń sún. Tí ti ìsàlẹ̀ bá fi kọ́bọ̀ díẹ̀ yàtọ̀, àpapọ̀ ló ń sún.

Ní ti yíyí i padà, ẹ ṣọ́ra fún ọjà tí oníbàárà dá padà. Ẹ rántí ₦333 mẹ́ta náà. Ká ní ẹ tà á nígbà tí ẹ̀rọ ń sún ní àpapọ̀, ₦74.93 lẹ gbà fún owó-orí. Tí oníbàárà bá wá ń dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan, ₦24.98 lẹ ó máa dá padà fún un nígbà kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ ₦74.94 lápapọ̀. Ẹ ti dá kọ́bọ̀ kan tí ẹ kò gbà padà. Nítorí náà, nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn bá dé, ẹ yọ ohun tí ẹ ti dá padà kúrò nínú ₦74.93, ohun tó bá ṣẹ́kù ni kí ẹ fún un: ₦24.97.