Ìdènà ìyẹhùn tàbí ìdádúró ìyẹhùn?

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí a pe pírọ́mísọ́rì ẹ́sítọ́pẹ̀lì ní Yorùbá? Nígbà wo sì ni ìlérí tí ẹni tí a ṣe é fún kò fi nǹkan kan dípò rẹ̀ lè mú ẹni tí ó ṣe é? Ìdánwò mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Olùkọ́ èdè: Ìdènà ìyẹhùn ni èmi yóò pè é. Bí ènìyàn bá ṣèlérí, tí ẹlòmíràn sì gbẹ́kẹ̀ lé e, òfin dínà ìyẹhùn mọ́ ọn, ìlérí náà sì di gbèsè lọ́rùn rẹ̀.

Agbẹjọ́rò: Mo gba “ìyẹhùn” tọwọ́tẹsẹ̀, olùkọ́ wa, ṣùgbọ́n “ìdènà” ń kọ mí lóminú, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tí ó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lè padà gbà á. Ẹ wo ẹjọ́ ilé Háì Tíríìsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1937 ni onílé yá ilé fúláàtì náà fún ilé-iṣẹ́ kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, fún ọdún 99, ní 2,500 pọ́n-ùn lọ́dún. Nígbà tí ogun dé, ọ̀pọ̀ fúláàtì ṣófo, ni onílé bá gbà ní oṣù kìíní 1940 pé kí wọ́n máa san 1,250, kò sì gba kọ́bọ̀ dípò ìdajì tí ó fi sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945 ilé ti kún, onílé sì wá béèrè owó kíkún fún oṣù mẹ́fà tí ó kẹ́yìn ọdún náà, 625 pọ́n-ùn fún oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Adájọ́ Dẹ́níìnì ní kí ilé-iṣẹ́ náà san án, nítorí pé ìnira ogun ni wọ́n torí rẹ̀ dín owó kù, ìnira náà sì ti kọjá. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé, ká ní onílé béèrè èyí tí ó ti fi sílẹ̀ láti 1940 ni, òun kò ní gbà fún un.

Ti ilé wa náà wà. Lọ́rì 11 ni Àjàyí gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Bírískò ní san-díẹ̀-díẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà kí ó dá owó dúró nígbà tí àwọn lọ́rì náà kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1964, ìgbìmọ̀ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ẹni tí ó ṣèlérí lè yẹhùn bí ó bá kìlọ̀ ní àsìkò tí ó tó, àyàfi bí ẹnì kejì kò bá lè padà sí ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Àjàyí pàdánù, torí pé kò fi hàn pé ìlérí náà yí ìṣe òun padà. Ìdádúró ìyẹhùn ni tèmi, nítorí náà.

Ìyá oníṣòwò: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣèlérí 500,000 náírà fún mi láti fi kan òrùlé. Mo ti gba pákó láwìn nítorí rẹ̀, kò sì fún mi ní kọ́bọ̀. Ṣé ìdádúró yín yìí lè gbà á fún mi?

Agbẹjọ́rò: Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Asà ni, kì í ṣe idà; ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀tọ́ àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ní 1951, obìnrin kan tí ọkọ tí wọ́n ń kọ ara wọn sílẹ̀ ṣèlérí 100 pọ́n-ùn lọ́dún fún pè é lẹ́jọ́ lórí ìlérí yìí nìkan, ó sì pàdánù. Ọ̀sirélíà ti gbà láti 1988 pé ó lè di idà, ṣùgbọ́n Ọ̀sirélíà nìyẹn. Àwọn olùbéèrè ìdánwò fẹ́ràn ibí yìí gan-an: bí Lágbájá bá ṣèlérí mọ́tò fún Lámọrín, tí Lámọrín sì kọ́ gáréèjì sílẹ̀ dè é, kò sí àdéhùn kankan láàárín wọn tẹ́lẹ̀ tí asà yóò dáàbò bò.

Olùkọ́ èdè: Mo gbà pé mo ṣi “gbèsè” lò. Ṣùgbọ́n owó 1940 sí òpin ogun ńkọ́? Ẹ̀yin náà ní onílé kò lè rí i gbà mọ́ láé. Ṣé ìdádúró nìyẹn?

Agbẹjọ́rò: Ẹ mú mi níbẹ̀. Ti ẹ̀yìn, a dènà rẹ̀. Ti iwájú, a dá a dúró.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin: Ẹ bá mi wo èyí, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 100,000 náírà lóṣù. Onílé ní kí ayálégbé máa san 60,000 láti oṣù kìíní títí tí wọn yóò fi parí títì tí wọ́n ń gbẹ́ níwájú rẹ̀. Títì parí ní oṣù kẹjọ, ayálégbé sì ń san 60,000 lọ títí di oṣù kẹwàá. Èmi kọ ọ́ pé onílé kò lè gba 320,000 ti oṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n 80,000 ti oṣù méjì jẹ́ tirẹ̀.

Agbẹjọ́rò: Ó dára. Ká ní kò dárúkọ títì ńkọ́, tí ó kàn ní “máa san 60,000”?

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin: Ó ní láti kìlọ̀ kí ó tó béèrè, bíi ti Àjàyí. Ṣùgbọ́n báwo ni ìkìlọ̀ náà yóò ṣe pẹ́ tó, oṣù kan tàbí mẹ́ta?

Olùkọ́ èdè: Ẹ bá a dáhùn, agbẹjọ́rò. Èmi ṣì ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò gba ìdènà àti ìdádúró pọ̀.